Bí a ṣe ń dín ìbàdí ṣòkòtò àrà-wọ̀ kù, tí a sì ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, láìba bó ṣe ń dà wálẹ̀ jẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ṣòkòtò tí à ń sọ níbí ni èyí tí ilé iṣẹ́ ti rán tán, tí ìdí rẹ̀ bá ẹni tó rà á mu, ṣùgbọ́n tí ìbàdí rẹ̀ dẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbòòrò ju bó ṣe fẹ́ lọ. Iṣẹ́ yìí ló pọ̀ jù nínú àtúnṣe tí wọ́n ń gbé wá bá mi, òun náà sì ni wọ́n ń bà jẹ́ jù. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí nípa rẹ̀ nìyí.

Nínú ìbàdí, ẹsẹ̀ àti gígùn, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìbàdí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, ẹsẹ̀ ló tẹ̀ lé e, gígùn ló kẹ́yìn. Ìbàdí ni ṣòkòtò fi ń rọ̀ mọ́ ara. Bí ó bá dẹ̀, ṣòkòtò á yọ̀ wá sílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á rẹlẹ̀, aṣọ á sì kó jọ sí itan. Ọ̀pọ̀ ṣòkòtò ni wọ́n ní kí n dín ẹsẹ̀ rẹ̀ kù, tó jẹ́ pé nígbà tí mo fi píìnì mú ìbàdí rẹ̀, tó gòkè sí ibi tó yẹ kó wà, ẹsẹ̀ náà kò tóbi tó bí wọ́n ṣe rò. Ẹni tó bá ti gé e kó tó rí ìyẹn ti gé e jù.

Gígùn ló kẹ́yìn nítorí pé ẹnu ẹsẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í bo bàtà mọ́lẹ̀ bí èyí tó gbòòrò ṣe ń bò ó. Orí bàtà ló máa dúró sí, aṣọ tó bá sì ṣẹ́kù lókè rẹ̀ á ká jọ. Ṣòkòtò tí gígùn rẹ̀ dára tẹ́lẹ̀ lè fi nǹkan bí ìdajì íǹṣì gùn jù lẹ́yìn tí ẹ bá dín ẹsẹ̀ rẹ̀ kù.

Ohun kan tún wà ṣáájú gbogbo ìyẹn: bí aṣọ náà bá jẹ́ òwú tàbí líńẹ́ẹ̀nì tí omi kò tíì kàn, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ ná. Ó lè sún kì, kí ìbàdí tí ẹ rò pé ó fi íǹṣì 2 tóbi má fi ju íǹṣì 1 tóbi mọ́.

Kí ló ń ba ìdàwálẹ̀ aṣọ jẹ́ gan-an? Ṣé abẹ́rẹ́ ni àbí ọwọ́ aránṣọ?

Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti gba aṣọ wọlé ni.

Òwú méjì ló ń bẹ nínú aṣọ tí a hun: èyí tó lọ ní òró àti èyí tó lọ ní ìbú. Nínú ṣòkòtò tí wọ́n gé dáadáa, òwú òró ló máa ń gba àárín ẹsẹ̀ kọjá láti itan títí dé ẹnu ẹsẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Ojú ìlà yẹn ni a máa ń lọ gátà sí. Ìdajì aṣọ wà ní apá kan ìlà náà, ìdajì wà ní apá kejì, ìwúwo wọn dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò fi ń dà wálẹ̀ geere láìyí sí ibì kankan.

Wàyí o, bí ẹ bá gba íǹṣì 2 kúrò ní ojú rírán inú nìkan, tí ẹ kò fọwọ́ kan ti ẹ̀gbẹ́, àárín ẹsẹ̀ ti kúrò lójú òwú òró nìyẹn. Tí ẹ bá lọ gátà sí àárín tuntun, ó ti dá òwú kọjá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sì ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ á fi máa lọ́. Tí ẹ bá fi gátà sílẹ̀ níbi tó wà, ó ti sún mọ́ ojú rírán inú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹni tó bá ń wo yín láti iwájú á rò pé ẹsẹ̀ yín ló wọ́. Gbogbo ohun tí mo máa sọ láti ibi yìí lọ, orí ìlà yìí ló dúró lé: ohun tí ẹ bá gbà ní ọ̀tún rẹ̀, ẹ gba irú rẹ̀ ní òsì.

Ibo ni kí n ti gba ìbàdí wọlé?

Ojú rírán àárín ẹ̀yìn ni, èyí tó gba àárín ìdí lọ sí abẹ́. Ibẹ̀ ló pín ṣòkòtò sí méjì dọ́gba, nítorí náà ohun tí ẹ bá gbà níbẹ̀ á kan ọ̀tún àti òsì bákan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ṣòkòtò kóòtù, ilé iṣẹ́ ti mọ̀ pé ẹnì kan á wá ṣe é: bándì ìbàdí ní ojú rírán tirẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì ti fi aṣọ tó pọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ nínú.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bándì jẹ́ íǹṣì 36, tí iwájú kó 18, tí ẹ̀yìn kó 18. Bí ẹ bá gba íǹṣì 2 lẹ́yìn, iwájú ṣì jẹ́ 18, ẹ̀yìn di 16. Àárín ara kò sì yí padà, nítorí náà ojú rírán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fi ìdajì íǹṣì sún sẹ́yìn. Ojú kò lè rí ìyẹn. Bí ẹ bá gba íǹṣì 4, ojú rírán á fi odindi íǹṣì 1 sún sẹ́yìn, ẹnu àpò ẹ̀gbẹ́ á máa yà sílẹ̀, àpò ẹ̀yìn méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kanra. Nítorí náà, íǹṣì 2 ni mo máa ń dúró sí. Mo lè lọ dé 2½ bí àpò ẹ̀yìn bá jìnnà síra. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, a ní láti tú bándì káàkiri, ká gbà á ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀yìn, ká sì tún àpò tò. Iṣẹ́ ṣòkòtò tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ìyẹn, ó sì sàn kí ẹ wá èyí tó kéré ní nọ́ńbà kan.

Báwo ni ìlà tí màá rán lẹ́yìn ṣe máa rí?

Ẹ tú lúùpù bẹ́líìtì tó wà ní àárín ẹ̀yìn, kí ẹ sì tú ìsàlẹ̀ bándì fún nǹkan bí íǹṣì 3 ní ọ̀tún àti òsì. Ẹ ṣí bándì sókè kí àwọ̀ inú rẹ̀ náà ṣí. Ẹ wá yí ṣòkòtò sódì, kí ẹ tẹ́ ojú rírán ẹ̀yìn náà pẹrẹsẹ, kí ẹ fi ẹfun télọ̀ fa ìlà tuntun sí i.

Ẹ rántí pé aṣọ méjì ló lé ara wọn. Bí íǹṣì 2 lẹ ní í gbà, íǹṣì 1 ni ìlà tuntun á fi jìnnà sí ti àtijọ́ ní òkè bándì. Àwọn tó ń gbàgbé èyí máa ń gba ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fẹ́. Láti òkè, kí ìlà náà máa sún mọ́ ti àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, kó wọnú rẹ̀ níbi tí ìdí ti yọ jù, ìyẹn nǹkan bí íǹṣì 6 sí 7 sísàlẹ̀. Ẹ má ṣe fà á já sórí rẹ̀ lójijì. Tí ìlà bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú igun, àpò kékeré kan á wú síta ní òkè ìdí, kò sí áyọ́ọ̀nù tó lè pa á. Kí ìlà tuntun rọra fara kan ti àtijọ́, kí ẹ sì rán an lé orí rẹ̀ fún bí íǹṣì 1 kí ẹ tó dá òwú dúró.

Ìkóríta abẹ́, níbi tí ojú rírán mẹ́rin ti pàdé, ẹ má fọwọ́ kàn án bí ìdí bá bá yín mu. Bí ẹ bá gbẹ́ ibẹ̀ jinlẹ̀, itan á há, ṣòkòtò á sì máa wọ inú ìdí.

Apá ìsàlẹ̀ ojú rírán yìí dàgẹ̀rẹ́ sí òwú aṣọ, nítorí náà ó máa ń nà nígbà tí ènìyàn bá jókòó. Òwú ìránṣọ kì í nà bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra na aṣọ lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń rán an, ẹ lo ìrán kéékèèké, kí ẹ sì rán an lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì bí ìrọ̀rí, ẹ gbé ìdí ṣòkòtò lé e, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù ya ojú rírán náà sí méjì. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ lórí tábìlì pẹrẹsẹ, ẹ ó tẹ yíyípo ìdí rẹ́.

Bándì tèmi kò ní ojú rírán lẹ́yìn, ó lọ gbọọrọ yípo. Ṣé kí n kàn fi ìṣẹ́po kéékèèké mú un?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ṣòkòtò tí ẹ fẹ́ kó dà wálẹ̀. Ìṣẹ́po méjì lórí bándì á nípọn lábẹ́ bẹ́líìtì, aṣọ á sì máa tú síta nísàlẹ̀ wọn. Ẹ gé bándì náà ní àárín ẹ̀yìn gan-an, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú u kúrò lára ṣòkòtò níbẹ̀. Ẹ gba ara ṣòkòtò wọlé bí mo ṣe ṣàlàyé, ẹ gé ohun tó pọ̀jù kúrò lára bándì, kí ẹ sì so ó pọ̀. Kí ojú rírán bándì àti ti ìdí bára wọn mu lójú kan, lúùpù á sì bò ó.

Ẹ wo òkè bándì kí ẹ tó dá a padà. Bí ìlà tí ẹ rán bá dàgẹ̀rẹ́ púpọ̀, òkè á tẹ̀ wọlé ní àárín ẹ̀yìn. Ẹ tọ́ ọ sójú kan kí ẹ tó pa á dé.

Ti jíǹsì le ju èyí lọ, nítorí aṣọ tó ká wọnú ara wọn lẹ́ẹ̀mejì ló wà ní ojú rírán ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà òwú méjì sì hàn lóde. Ẹ ní láti ká a padà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi òwú tó ní àwọ̀ kan náà rán an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú gbogbo ayé ló máa wà lára àtúnṣe náà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí màá gbà ní ẹsẹ̀?

Ẹ fi téèpù wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́, kì í ṣe ṣòkòtò nìkan. Ibi mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: orúnkún nígbà tó bá ká a, ibi tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ti pọ̀ jù, àti yíyí gìgísẹ̀ ká mọ́ òkè ẹsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu ṣòkòtò gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan. Orúnkún rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16 nígbà tó ká a, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ jẹ́ 14½, gìgísẹ̀ rẹ̀ sí òkè ẹsẹ̀ jẹ́ 13½. Ṣòkòtò tó rà jẹ́ íǹṣì 20 yípo ní orúnkún, 18 ní ẹnu ẹsẹ̀. Ó fẹ́ 18 ní orúnkún àti 15 ní ẹnu.

Ẹnu 15 á gba gìgísẹ̀ 13½ kọjá láìjà. Orúnkún 18 fi àyè íǹṣì 2 sílẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn kì í wò ni ẹ̀yìn ojúgun. Gígùn inú ṣòkòtò yìí jẹ́ íǹṣì 31. Láti rí orúnkún, mo pín in sí méjì, ó di 15½, mo sì gòkè pẹ̀lú íǹṣì 2: orúnkún wà ní íǹṣì 13½ sísàlẹ̀ abẹ́. Ó ku 17½ kó tó dé ẹnu. Láàárín ìyẹn, ẹsẹ̀ máa sún láti 18 sí 15. Ní nǹkan bí íǹṣì 6 sísàlẹ̀ orúnkún, níbi tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ti pọ̀, á kù díẹ̀ kó pé 17. Àyè íǹṣì 2½ wà níbẹ̀, ó dára. Bí ó bá jẹ́ eléré bọ́ọ̀lù ni, tí ẹran ibẹ̀ jẹ́ 16½, mi ò ní gbà fún un láti sọ ẹnu ẹsẹ̀ di 15. Aṣọ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ojúgun, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́ nígbà tó bá dìde.

Ohun tí a máa gbà wá jẹ́ íǹṣì 2 ní orúnkún àti 3 ní ẹnu. Ojú rírán méjì ló wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, aṣọ méjì ló sì wà ní ojú rírán kọ̀ọ̀kan, nítorí náà a pín in sí mẹ́rin. Ìlà tuntun á wọlé pẹ̀lú íǹṣì ½ ní orúnkún, íǹṣì ¾ ní ẹnu, ní inú àti ní ẹ̀gbẹ́ bákan náà.

Mo ti mọ iye rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa fa ìlà ẹsẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ tú ìṣẹ́tí ẹnu ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́. Láti ẹnu dé orúnkún, ẹ fi rúlà fa ìlà náà gbọọrọ. Láti orúnkún lọ sókè, ọwọ́ ló máa fà á, kó máa yọ́ wọnú ìlà àtijọ́. Ní inú, kó wọ̀ ọ́ tán ní bí íǹṣì 3 sísàlẹ̀ abẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́, kó wọ̀ ọ́ tán ní ó kéré tán íǹṣì 2 sísàlẹ̀ ibi tí ẹnu àpò ti parí. Bí ìlà bá gun ẹnu àpò, àpò á máa là.

Ẹ má rán an pa. Ẹ fi ìrán tó gùn jù lọ lórí ẹ̀rọ, tàbí ọwọ́, so ó pọ̀ ná, kí ẹ yí i síta. Ẹ wá tẹ́ ẹsẹ̀ kan sórí tábìlì, kí ojú rírán inú gùn lé ti ẹ̀gbẹ́ láti ẹnu dé orúnkún. Ẹ wo etí tó ká. Bí gátà àtijọ́ bá bọ́ sórí etí yẹn gẹ́lẹ́, òwú òró ṣì wà láàárín. Bí gátà bá wà lórí àyè aṣọ dípò etí, ẹ ti gba apá kan ju ìkejì lọ. Ìdánwò yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, mi ò sì rí i kó purọ́ rí.

Kí ẹni náà wọ̀ ọ́ báyìí. Kó dúró, kó rìn, kó jókòó, kó sì tún dìde.

Kí ló dé tí ìṣẹ́tí mi fi ń hunjọ lẹ́yìn tí mo dín ẹnu ẹsẹ̀ kù?

Nítorí pé ẹ fa ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé etí aṣọ. Aṣọ tí ẹ máa ṣẹ́ sínú, òkè ló ń lọ bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ ṣòkòtò sì gbòòrò sí i bó bá ṣe ń lọ sókè. Bí ìṣẹ́tí bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju ibi tó máa lẹ̀ mọ́ lọ, ó máa fà á pọ̀ ni. Bí ìlà yín bá ti dé ibi tí ẹ máa ṣẹ́, ẹ yí i síta padà, kó máa gbòòrò lọ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n tó fi ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ láti òkè. Bí ẹ bá wá ṣẹ́ ẹ, á lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ilé iṣẹ́ pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tú èyí tí wọ́n rán dáadáa, ẹ ó rí i.

Ṣé kò sí ìgbà tí mo lè gba ojú rírán inú nìkan?

Ó wà. Bí gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ gbà yípo ẹnu ẹsẹ̀ kò bá ju íǹṣì 1 lọ, ojú kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣòkòtò tó ní ìlà òwú lóde ní ẹ̀gbẹ́, tàbí àpò lára itan, a sábà máa ń gbà á ní inú nìkan nítorí wàhálà títú wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í kọjá íǹṣì 1½ sí irú rẹ̀, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó ni ín pé kó má lọ gátà sí i.

Àmì wo ni mo máa fi mọ̀ pé mo ti gbà á jù tàbí pé mo gbà á lódì?

Ẹ wò ó lára ẹni tó dúró. Bí aṣọ bá hunjọ ní ìbú lábẹ́ orúnkún lẹ́yìn, ẹ̀yìn ojúgun ló ń dì í mú. Ẹ fún ibẹ̀ ní íǹṣì ½ padà. Bí ìlà bá ń fà láti abẹ́ lọ sí itan níwájú, ìlà inú yín ti gòkè jù tàbí itan ti há. Bí ojú rírán ẹ̀gbẹ́ bá yí wá sí iwájú ojúgun, ẹsẹ̀ ti lọ́, gátà á sì ti yà sí apá kan. Ẹ padà sí ìdánwò orí tábìlì.

Bí ṣòkòtò bá ní píléètì níwájú, tí píléètì náà sì ń là nígbà tí ẹni náà dúró lásán, ẹ ti gbé ìlà ẹ̀gbẹ́ gòkè wọ itan. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti àárín itan. Píléètì nílò àyè lókè kó tó lè pa ẹnu dé.

Ìgbà wo ni mo lè gé aṣọ tó ṣẹ́kù nínú?

Lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín bá ti wọ̀ ọ́, tó sì jókòó nínú rẹ̀. Ní ẹsẹ̀, ẹ fi bí íǹṣì ⅝ sílẹ̀, kí ẹ dí etí rẹ̀ kó má baà tú, kí ẹ lọ̀ ọ́ sí méjì. Ohun tó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á máa tẹ ojú jáde bí ẹ bá lọ̀ ọ́, pàápàá bí aṣọ bá fẹ́lẹ́.

Ti ẹ̀yìn ìbàdí, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí kò bá ti nípọn jù. Ara ènìyàn ń sanra, ojú rírán yẹn nìkan sì ni ibi tí ẹ ti lè dá àyè padà fún un. Ohun kan ni pé bí ẹ bá tú u síta lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ihò abẹ́rẹ́ àti àwọ̀ tí kò tíì ṣá lè hàn níbẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún ẹni tó ni ín kí ẹ tó tú u.